Òróró Tó Ń Hó Bí Ọṣẹ

"Wọ́n ní òróró ọ̀hún..."

"Òróró ta ni?"

"Ti ìyá tó ń dín òjòjò ní gáréèjì. Ẹni tó sọ fún mi kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ọṣẹ..."

"Ọṣẹ kẹ̀? Nínú ohun tí ènìyàn ń jẹ?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní kó lè máa dán ni, kó lè dà bíi tuntun... Gba okùn, ìwọ náà fa omi tìrẹ. Oòrùn ti ń yọ."

Nimotalahi dúró lẹ́yìn wọn lẹ́nu kànga pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí. Wọn kò wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ ọ́n, nítorí kò tíì pẹ́ tó ṣe ìyàwó wọ Àgọ́-Ìwòyè, kì í sì í gbójú sókè níbi tí èrò bá wà. Ìyá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Ìbíkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣéhù ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Ṣéhù ọmọ rẹ̀ ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Jímọ̀ sí Jímọ̀ ló ń wálé. Nígbà tí ó gbé Nimotalahi níyàwó, ó fà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́ ìyá. Ọmọbìnrin náà kò dé ilé-ìwé rí, àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kéwú nínú ilé, ìyá-ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìyókù. Ẹnu rẹ̀ kì í yá. Etí rẹ̀ ló yá. Ohun tí àgbà bá sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé sí i lára, yóò sì máa yí i wò bí ẹni ń yí iṣu wò lọ́jà, pé kí ló fà á tó fi rí báyìí?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kànga yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń yí wò. Àwọn ọmọ ilé-kéwú tó parí Kùránì fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Ìyá Ṣéhù sì ni Asimawu, Ìyá Sùnnà, olórí obìnrin Mùsùlùmí ìlú, yàn pé kó dín àkàrà àti òjòjò tí gbogbo àlejò yóò jẹ. Bí ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí bá dé etí Asimawu, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. Kò sì ní tán síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gba àkàrà wòlímọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdọ̀tí, ta ni yóò tún dúró ra òjòjò rẹ̀ ní gáréèjì?

Ó pọn omi rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì ń rò ó lọ lójú ọ̀nà bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá ọkọ òun. Bí òun bá ní "wọ́n ní," yóò béèrè pé àwọn wo.

Nígbà tí ó fi dé gáréèjì, iná ti ń jó lábẹ́ agbada. Bọ́ọ̀lẹ́kájà tó ń lọ sí Ibiade ti dúró, àwọn èrò ọkọ̀ sì ti tò yí ìyá olójòjò ká pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Leah, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti tú ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti Ìyá Ṣéhù kì í ya ara wọn. Ẹni tó bá ra òjòjò lọ́tùn-ún, yóò ra ẹ̀kọ lósì.

"Ìyàwó, o pẹ́," Ìyá Ṣéhù wí. "Rin ewùrà tó kù yẹn. Òróró ti gbóná."

Nimotalahi kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó ti ewùrà. Ìyá Ṣéhù bu òjòjò pípò lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tì í sínú agbada, ìkan, èjì, ẹ̀ta. Òróró ké ṣàà. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó funfun kan dìde láti etí agbada, ó kóra jọ, ó ru bò gbogbo ojú òróró, a kò sì rí òjòjò mọ́.

Gbogbo èrò na ọrùn wo inú agbada.

"Ìyá," ni Gbénró, ọmọ ọkọ̀ Ibiade, wí, ọ̀rọ̀ kì í sí lẹ́nu rẹ̀ kó má jáde, "ẹ ń dín òjòjò ni àbí ẹ ń fọ aṣọ? Ẹ bá mi ju ṣòkòtò mi sí i o, ó ti dọ̀tí!"

Ẹni kan rẹ́rìn-ín. Ẹni kejì kò rín. Obìnrin kan tó ti na ewé síwájú fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rántí pé àwọn ti jẹun nílé.

"Gbénró, iwájú baba rẹ ni kí o ti lọ bọ́ ṣòkòtò," Ìyá Ṣéhù dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dé ibi tó máa ń dé. Ó kó òjòjò náà jáde, ó fa igi jáde lábẹ́ agbada, ó sì dúró, ó ń wò ó. Àwọn èrò túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Leah doríkodò sórí ẹ̀kọ rẹ̀.

Nígbà náà ni Nimotalahi sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu kànga, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe já a. Kò fi kún un.

Ìyá Ṣéhù fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. "Ọṣẹ," ó wí. Ó jókòó. "Èmi Ìbíkẹ́, ọṣẹ!" Ó fi ìró nu ọwọ́. "Asimawu ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé òun ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iye ẹ̀wà la fẹ́ sọ. Ó ti gbọ́ nìyẹn."

"Ìyá mi," Nimotalahi wí wúyẹ́wúyẹ́, "òróró tó bá gbó náà ń hó, àbí? Ẹ ti sọ ọ́ fún mi rí."

"Ó ń hó. Ṣùgbọ́n èyí kò gbó! Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ lónìí." Bí inú ṣe bà á jẹ́ tó, ìbéèrè ọmọ náà tún fún un ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. "Wá níbí. Wá wò ó fúnra rẹ. Kí ni mo sọ nípa òróró tó gbó?"

"Ẹ ní kì í ṣe iye ìgbà nìkan ló ń pa á."

"Kì í ṣe iye ìgbà nìkan. Ẹni tó bá ń dín dùndún, tí iṣu kò bọ́ sí i, lè lò ó títí dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Òjòjò àti àkàrà ń já sínú òróró, èérún á jóná, èérún tó jóná a sì máa ba òróró jẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta, bó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mẹrin. Òróró ẹja Ibiade, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò sì gbọdọ̀ fara kan ti àkàrà láé. Ṣùgbọ́n òróró lè gbó ní ẹ̀ẹ̀kejì bí o bá fi iná jó o, ó sì lè má tíì gbó ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún bí o bá tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ lo máa wò. Ó yá, wò ó."

Nimotalahi fi ṣíbí bù díẹ̀, ó dúró kó tutù, ó sì dà á sínú àwo funfun. Ó pọ́n bí oyin tuntun, ìdí àwo hàn gedegbe.

"Kò dúdú," ó wí.

"Gbé e sí imú."

"Ó ń rùn bí ẹ̀pà. Kò kan, kò sì rùn bí ọ̀dà àtijọ́."

"Fi ìka méjì ra á."

Ó ra á. "Ó ń yọ̀. Kò fà, kò lẹ̀."

"Tọ́ ọ wò."

Ó fi kan ahọ́n. Òróró tó gbó a máa korò, a máa há ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Èyí kò há a. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín, tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó tún un tọ́ wò. Ó ti lọ.

"Èéfín ńkọ́?" ni ìyá bi í. "Kí òjòjò tó bọ́ sí i, ṣé ó rú èéfín?"

"Kò rú. Òróró tó gbó ni èéfín rẹ̀ máa ń tètè yọ, kó tó gbóná tán."

"O káre. Kò dúdú, kò rùn, kò ki, kò korò, kò rú èéfín. Ó ń hó nìkan." Ìyá Ṣéhù pa ọwọ́ pọ̀. "Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ó kàn ń húkọ́. Mo bẹ̀rù pé Mùbàṣírù tó ta òróró fún mi ló bù lé e. Ó ti bu nǹkan sí i."

Leah gbójú sókè, ó lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé.

Nimotalahi kò tíì kúrò lórí àwo. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kànga mọ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé nǹkan kan kò bá nǹkan mu. "Ìyá mi, ìhó omi ńkọ́? Bí omi bá wà nínú ewùrà?"

"Ìhó omi ńlá ni, ó ń bẹ́ pọ́-pọ́, ó sì ń ta ènìyàn lára. Bí o bá yọ òjòjò, ó parí. Ìwọ wo èyí." Ìfófòó díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ etí agbada, wínníwínní bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kò sì fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ti yọ òjòjò tipẹ́.

"Ìyókù òróró àná ńkọ́? Ti inú garawa?"

Ìyá Ṣéhù gbàgbé rẹ̀. Lálẹ́ àná, nígbà tí òróró tutù dé ibi wọ́ọ́rọ́, Nimotalahi dà á sínú garawa kó silẹ̀. Ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀, òkè tòrò. Ìyàwó da èyí tó tòrò sí orí aṣọ asẹ́ tó ká méjì, ó ń kán lọ sínú ìkòkò, kò fún un, nítorí fífún ni ìdọ̀tí fi ń gba inú aṣọ kọjá. Ìkòkò kún kó tó tán. Ìyókù tó kù lókè garawa, kò sẹ́ ẹ. Òróró kan náà ni. Agbada kan náà ló ti jáde.

"Gbé e wá," ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ sì là.

Wọ́n gbé apẹ kékeré kan ka orí iná, wọ́n rọra da òróró tí a kò sẹ́ sí i, èyí tí kò kan ìdí garawa. Nígbà tí ó gbóná, Ìyá Ṣéhù ju òjòjò kan ṣoṣo sí i. Òróró ké, ìhó ńlá bẹ́ pọ́-pọ́ yí òjòjò ká, ó pọ́n, ó léfòó. Wọ́n yọ ọ́. Ojú òróró tẹ́jú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí omi tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Kì í ṣe Mùbàṣírù," Ìyá Ṣéhù wí.

"Kì í ṣe òun."

"Òróró kan náà. A sẹ́ ọ̀kan, ó ń hó. A kò sẹ́ èkejì, kò hó. Kí ló wà nínú sísẹ́?"

Nimotalahi fi ewùrà sílẹ̀. Ó ti dìde. Ó sáré lọ sílé, ó mú aṣọ asẹ́ tí ó fọ̀ lálẹ́ àná, tí ó sá sórí okùn, wá. Òwú funfun ni, ó ti gbẹ, ó le gan-an lọ́wọ́ bí aṣọ tí a ti rì sínú ẹ̀kọ. Ó mú àwo omi mímọ́, ó rẹ igun aṣọ náà sí i, ó ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Omi náà hó.

Ó tún ra á. Ó hó sí i, funfun, wínníwínní. Ọmọbìnrin náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi, ó sì mọ orúkọ ohun tín-ín-rín tó kan ahọ́n rẹ̀ nígbà yẹn.

"Ìyá mi, ọṣẹ dúdú ni."

Òótọ́ ni. Látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wòlímọ̀ ti dé, Ìyá Ṣéhù kò sùn pé òun fẹ́ kí ohun gbogbo mọ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ asẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà ni ó ní kí ìyàwó máa fi ọṣẹ dúdú sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kànga ti jìn, omi ti di ohun tí à ń ṣọ́. Nimotalahi fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, ó fi omi díẹ̀ fọ ọṣẹ kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má baà fi omi ṣòfò, ó sì sá a. Ọṣẹ gbẹ mọ́ inú òwú. Nígbà tí òróró gba inú rẹ̀ kọjá ní wọ́ọ́rọ́, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀.

"Mo wẹ ara mi títí mo fi dọ̀tí," Ìyá Ṣéhù wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó mú omi lójú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú. "Nimota. Àwọn ènìyàn yẹn kò parọ́. Ọṣẹ wà nínú òróró mi."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Asimawu fi dé. Obìnrin ńlá ni, ìborùn rẹ̀ funfun báláú, kì í jókòó kó tó rí ohun tó wá rí. Ó kí wọn, ó sì ní, "Ìbíkẹ́, àwọn obìnrin ń sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo wá fi ojú ara mi rí i."

Nimotalahi rò pé ìyá ọkọ òun yóò gbé agbada pamọ́. Kò gbé e pamọ́. Ó dá iná sí i, ó ju òjòjò sí i, ìfófòó náà ru lójú Asimawu gẹ́gẹ́ bó ṣe ru lójú Gbénró. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ pe ìyàwó rẹ̀. "Sọ fún ìyá wa."

Ẹnu rẹ̀ wúwo bí ọlọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi òróró méjèèjì, kò mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀ fún Ìyá Sùnnà mọ́; ó ń nawọ́ sí apẹ, ó ń nawọ́ sí agbada, ó fa aṣọ jáde, ó tún un ra sínú omi tuntun kí Asimawu lè rí i. Asimawu tẹríba, ó ń wo omi tó ń hó, ó sì fi ìka kàn án bí ọmọdé.

"Ọlọ́run ńlá," ó wí. "Bí a bá sì ń sẹ́ ẹ láì lo ọṣẹ, òróró yìí á ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá," Nimotalahi dáhùn. "Èyí tí kò kan aṣọ yẹn ni. Èyí tó ti kàn án, ó ti tán, kò sí ohun tí à ń dà lé e tí yóò wò ó sàn. Bí a bá da tuntun lé e, tuntun náà á bàjẹ́."

"Ṣé ẹ ó dà á nù?"

"A ó fi se ọṣẹ," Ìyá Ṣéhù wí. "Ọ̀nà ọṣẹ ló kúkú ti mú pọ̀n."

Asimawu rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mú òjòjò inú apẹ, ó já a, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. "Aṣọ tuntun ni ẹ ó fi sẹ́ òróró wòlímọ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó láì fi ọṣẹ kan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn kí ẹ tó da òróró sí i. Màá rán omi sí yín látinú kànga tiwa. Èmi kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, Ìbíkẹ́. Ẹni tó lè fi àṣìṣe rẹ̀ han mi lójú agbada, inú ohun tó ń dín kò lè ṣókùnkùn sí mi."

Ìyá Ṣéhù fẹ́ kúnlẹ̀. Asimawu dì í mú.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ padà lọ bá àwọn obìnrin, n kò sì fẹ́ fi ìdajì ọ̀rọ̀ wo ìdajì ọ̀rọ̀ sàn. Inú ilé nìkan ni ẹ ti ń fọ aṣọ yìí. Lèsí ló rí i? Lèsí ló sọ ọ́ níta?"

Nígbà náà ni Leah dìde láàárín ẹ̀kọ rẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Èmi ni," ó wí. "Mo wá yá igbá lọ́wọ́ wọn, mo bá ìyàwó níbi tó ti ń fọ̀ ọ́. Inú mi dùn sí i ni. Mo sọ ọ́ ní ìjọ wa, mo fi ń yìn wọ́n, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Bí wọ́n ṣe wá gé e kúrú tó fi ku òróró àti ọṣẹ nìkan, n kò mọ̀."

"Kò sí ẹni tó bú ọ," Asimawu wí. "Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Má fi iyọ̀ sí i, má yọ ata kúrò."

Leah wo Ìyá Ṣéhù. Ó wo Nimotalahi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó fẹ́ búra.

"Mo ní: 'Ìyá olójòjò ẹ̀gbẹ́ mi mọ́ tónítóní. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ òróró, àní aṣọ lásán, ọṣẹ ni ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ̀ ọ́ kí òróró tó kàn án.'"